Ọwọ́ Tó Ya Sítáǹpù

"Láti ìgbà wo ni, sà?" ni dókítà bi í.

Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú ni."

Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè wí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo bá a bo àṣírí. Kò ju oṣù méje péré lọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ohun tó gbé e wá síwájú dókítà ti lé ní ọdún méjì àtààbọ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà mọ̀. Dókítà nìkan ni ò mọ̀, káàdì tó wà níwájú rẹ̀ ò sì lè mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá kọ sí i lọ.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó lẹ́yìn káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́, Ọ̀gá Sítáǹpù sì ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó mọ sítáǹpù ya tó o. Á ká ìwé sítáǹpù náà síwájú lójú ihò wẹ́wẹ́ tó wà láàárín wọn, á ká a sẹ́yìn, á fi èékánná àtàǹpàkò fa ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò tó ya á. Etí rẹ̀ á mọ́ bí ẹni fi sísọ́ọ̀sì gé e. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá fà á ya gbàràgàdà, inú á bí i. "Ta ló ń lé ẹ? Ká a kó o tó ya á!" Ṣùgbọ́n lórí káàdì dókítà, "òṣìṣẹ́ ìjọba" ló kọ síbi iṣẹ́, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ dá òun mọ̀.

Dókítà náà obìnrin ni, kò sì lè ju àkọ́bí rẹ̀ obìnrin lọ lọ́jọ́ orí. Ojú ìbá tì í, bí nǹkan kan bá ṣì lè ṣe é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ ti kú tipiri. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń dáhùn ìkíni. Wọ́n ní ó gbójú, ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló sì gbà pé ọ̀fọ̀ ló fa ohun tó ń ṣe é. Òun náà gbà á, ó sàn fún un ju òtítọ́ lọ.

"Ṣé ó dé lójijì ni, àbí díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀?" ni dókítà tún bi í.

"Lójijì ni."

"Láàárọ̀ ńkọ́, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí? Ṣé nǹkan ọkùnrin yín máa ń le fúnra rẹ̀?"

"Ó máa ń le."

"Tí ẹ bá dá wà, tí ẹnikẹ́ni ò sí lọ́dọ̀ yín?"

"Kò sí wàhálà."

Ẹ gbọ́, bí ó ṣe ń dá a lóhùn wéré bẹ́ẹ̀, bíi pé wọ́n ń bi í ní iye tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, bí iná tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ kì í pẹ́ kó tó rọ̀. Nígbà tó yá, kì í le dáadáa mọ́. Lẹ́yìn náà ni ti àárọ̀ dáwọ́ dúró, kò sì rántí ọjọ́ tó rí i kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Òkè tí wọ́n ń gùn láti ibùdókọ̀ dé ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ga rárá, ṣùgbọ́n bó bá dé àárín, ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀, níbi tí ẹran ẹsẹ̀ ti ki, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mú. Á dúró, á máa wo bàtà nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó fẹ́ rà. Bí ó bá sinmi ìṣẹ́jú méjì, ó ti lọ. Ó ti sú olùtajà ṣọ́ọ̀bù náà láti máa jáde wá pè é. Kò sọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ fún dókítà.

Dókítà so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru: méjìdínlọ́gọ́jọ lórí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó bi í bóyá ó mu sìgá rí. Ó ní òun mu ún fún ogún ọdún, òun sì ti jáwọ́ láti ọdún mẹ́fà. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé bírò lélẹ̀, ó wò ó lójú.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń bi yín ní ìbéèrè tó ń tini lójú báyìí. Tó bá jẹ́ ìrònú ló fà á, ó sábà máa ń dé lójijì. Lónìí ó ṣiṣẹ́, lọ́la ó kọ̀. Ó lè kọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó, kó má kọ̀ tí ẹ bá dá wà. Tí ẹ bá sì sùn, ìrònú náà sùn nìyẹn, ara á wá ṣe tirẹ̀. Ọkùnrin tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, nǹkan rẹ̀ máa ń le lójú oorun bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún láì mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń dí, ìyẹn ò mọ ọ̀sán, kò mọ òru, kò mọ ìyàwó, kò mọ ẹni tó dá wà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, kì í sì í ṣàdédé padà sẹ́yìn."

"Mo gbọ́."

"Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tún tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ọkàn lọ. Ọ̀rá tó ń dí iṣan, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ la ti sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Tó bá máa fi tó ọdún méjì, mẹ́ta, sí márùn-ún, ọkàn náà lè fara gbá a. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fojú kékeré wò ó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ ba láti so okùn bàtà ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, kò sì nàró mọ́. Ọkàn ni, ni wọ́n wí. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn, ojú kan náà ni wọ́n ní, ìrìn kan náà ni wọ́n ń rìn. Tó bá jẹ́ iṣan ni tirẹ̀, á jẹ́ pé okùn bàtà ń dúró de òun náà. Tó bá jẹ́ ọ̀fọ̀ ni, ọ̀fọ̀ á kọjá. Bí gbogbo ìṣirò rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ní ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ wà tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré wọbẹ̀," ni dókítà wí. "Èrò pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ rán yín lọ lásán. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí tó kún o, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí ẹ ti sọ fún mi, á jẹ́ ká mọ ibi tí a ó kọjú sí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Sítáǹpù ni."

Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá sítáǹpù mẹ́rin tó ṣì so pọ̀. Tí ẹ bá ń lọ sùn, ẹ fi wé nǹkan ọkùnrin yín yí ká, kó fún un díẹ̀, ẹ fi omi lẹ etí méjèèjì sítáǹpù náà mọ́ra. Tí ẹ bá jí tó ti ya lójú ihò wẹ́wẹ́ yẹn, nǹkan ti dìde lóru nìyẹn. Tí kò bá ya, a ó wo ọ̀rọ̀ iṣan. Òru mẹ́ta. Irú èyí tí wọ́n ń fi omi lẹ̀ ni o, kì í ṣe èyí tó ń lẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ọ̀gá Sítáǹpù wí.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kó tó jáde, nítorí àtọ̀gbẹ, ọ̀rá, àti omi ara tó ń sọni di ọkùnrin. Ìyàwó rẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì. Aránṣọ ni, kò sì sí ohun tó ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n rìn dé ẹnu géètì kó tó sọ̀rọ̀.

"Dádì, kí lẹ sọ fún un?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo sọ."

"Ìgbà wo lẹ ní ó bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìgbà ikú Bọ̀ọ̀dá."

Obìnrin náà ṣí géètì. Ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sítáǹpù fún un, ìyàwó ní "Ó dáa," wọ́n sì wọkọ̀ lọ sílé.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, ó jí, ó wò ó. Òrùka sítáǹpù náà wà digbí bó ṣe dè é. Àárọ̀ kejì, ó wà digbí. Àárọ̀ kẹta, ó bọ́ ọ, ó jókòó sétí páànù ìwẹ̀ nínú balùwẹ̀, ó tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí itan rẹ̀. Òrùka mẹ́ta, kò sí èyí tó ya, kò sí èyí tó tilẹ̀ fẹ́ ya. Ó retí kí ẹ̀rù ba òun, ẹ̀rù ò bà á. Ó retí kí inú òun bàjẹ́, ìyẹn náà ò wá. Omi ń kán nínú ẹ̀rọ. Ìgbà tó yá ni ọwọ́ rẹ̀ mú òrùka àkọ́kọ́, ó ká a síwájú, ó ká a sẹ́yìn, ó fi èékánná fa ojú ihò, ó ya á. Ó ya ìkejì. Ó ya ìkẹta. Ó kó wọn sínú àpòòwé, ó fọ ẹnu, ó lọ síbi iṣẹ́.

Àpòòwé yẹn wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tó fẹ́ padà lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́, ó ṣí i, ó wò ó, ó pa á dé.  Èmi ì bá ti pariwo, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ìyàwó rẹ̀.

Dókítà tú ohun tó wà nínú àpòòwé sọ́wọ́. Kò sí àtọ̀gbẹ, ni èsì àyẹ̀wò wí, omi ara ọkùnrin pé, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ó yí sítáǹpù náà síwá sẹ́yìn. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ya," ló wí. "Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi, ó jọ pé ìrònú ló wúwo jù níbẹ̀. Ẹ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọ̀rá yìí lójoojúmọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rí ẹnì kan tó ń gba àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nímọ̀ràn. Ẹ má lọ ra oògùn agbára kankan ní kẹ́míìsì o. Ká tún rí ara wa lóṣù mẹ́ta."

"Ẹ ṣé, dókítà."

Ó jáde. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ló gbọ́ yẹn. Ó gun òkè ibi iṣẹ́, ó dúró ní àárín rẹ̀, ó wo bàtà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ bá òun kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sì gba páálí irinṣẹ́ kan bọ̀. Atúnaagoṣe ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kó iṣẹ́ wá sílé, mọ́kànlá nínú àwọn aago tó ń tún ṣe sì ṣì wà lára ògiri pálọ̀, gbogbo wọn ti dákẹ́ nítorí kò sẹ́ni tó ń yí wọn mọ́. Opó náà ò gbé páálí kankan wá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó síwájú ọkùnrin náà.

"Ọkọ mi," ló wí, bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, "ìyàwó yín ló ní kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí sítáǹpù yín. Ó ní ọwọ́ yín ló ya á, kì í ṣe ara yín."

Ọkùnrin náà tẹ orí ba.

"Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí. Ẹ̀gbọ́n yín, ọdún mẹ́ta kó tó lọ, kò lè ṣe ọkọ mọ́ nínú yàrá. Mo ní ká lọ rí dókítà. Ó ní ìrònú ni, pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wó ló ń dùn òun. Bẹ́ẹ̀, ọdún kan kí wọ́n tó wó ṣọ́ọ̀bù ló ti bẹ̀rẹ̀! Mo mọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún un, torí tí mo bá jiyàn, á dà bíi pé ohun tí mo fẹ́ gbà ni mò ń lé kiri. Ojú ń tì mí, ọkọ mi. Ojú tì mí títí ó fi kú."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa."

"Màá sọ ọ́! Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń gun àtẹ̀gùn yẹn, á dúró láàárín. Bí mo bá bi í, á ní òun ń wo ibi tí ọ̀dà ti ń bó lára ògiri."

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. "Ó ń wo kí ni?"

"Ọ̀dà. Lójoojúmọ́. Ọ̀dà wo ló wà níbẹ̀ tí èèyàn ń wò?"

Ó rántí bàtà inú gíláàsì. Nǹkan kan yẹ̀ díẹ̀ láyà rẹ̀, kì í ṣe ìrora, ó kàn yẹ̀. Ó dìde, ó gbàgbé láti dágbére.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ ò tó oṣù kan. Ní ọjọ́ Ajé, kí dókítà tó bọ́ báàgì kọ́rùn àga, ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ sì wọlé tẹ̀ lé e lọ́tẹ̀ yìí. Ó yọ sítáǹpù mẹ́rin tó so pọ̀ jáde nínú àpò, ó fi wọ́n ṣe òrùka, ó lẹ̀ ẹ́. Níwájú dókítà, ó ká a síwájú, ó ká a sẹ́yìn, ó fa èékánná lé e, ó ya á. Ó gbé e lélẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ mú àwọn ti ọjọ́sí jáde, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ara bá ya kì í mọ́ létí báyìí, kì í sì í ní ojú kíká."

Dókítà ṣí fáìlì. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra bí ọmọ ìyá. Kò bú u, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó yẹ kó bú u. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti rí i," ó sì mú káàdì tuntun.

"Láti ìgbà wo ni, sà?"

"Ọdún méjì àtààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láyé."

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ jáde: ti àárọ̀ tó dáwọ́ dúró, ti tọ́ọ̀ṣì tó ń kú lọ, ti òkè, ti bàtà. Dókítà ní kó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Ó fi ìka wá ìlùkìkì ẹ̀jẹ̀ lókè ẹsẹ̀, níwájú ọrùn ẹsẹ̀. Ti ọ̀tún ń lù fẹ́ẹ́rẹ́. Ó wá ti òsì títí, kò rí i. Ó gbé fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ńlá, kò sì fi fóònù sílẹ̀ títí wọ́n fi fún un ní ọjọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.

Níbẹ̀, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kékeré tó ń pe ẹ̀jẹ̀ wá sí nǹkan ọkùnrin rẹ̀, wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń sáré wọlé. Ẹni tó ń wò ó ní ó yẹ kí eré rẹ̀ ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tirẹ̀ kò kọjá mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ ìrònú parí síbẹ̀. Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n rí iṣan méjì tó há, ọ̀kan nínú wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Wọ́n ti ọ̀pá tín-ínrín oníhò bọ̀ ọ́ láti fi là á. Ti inú yàrá, dókítà ní ó lè sàn pẹ̀lú oògùn tí ọkàn bá ti fìdí múlẹ̀, ó sì lè má padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́ kẹta lórí bẹ́ẹ̀dì ni fóònù dún. Opó ni.

"Ọkọ mi, kí ni wọ́n rí?"

"Wọ́n ní ó ku díẹ̀ kó dí pátápátá."

 Ọkùnrin náà ń gbọ́ èémí obìnrin náà lórí ìlà, àti, jìnnà lẹ́yìn rẹ̀, aago kan tí ẹnì kan ti yí, tó ń lọ kẹ́ kẹ́ kẹ́.

"Ti ẹ̀gbọ́n yín náà," ni opó wí níkẹyìn, "ó ku díẹ̀ kó dí nígbà kan."

Ọkùnrin náà la ẹnu láti dá a lóhùn, ẹkún ló jáde. Ẹkún oṣù méje ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró, ó sì ń dùn ún láyà níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí opó dúró díẹ̀, ó sì jẹ́ kó sunkún.